Ọjọ́ Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tó Tó Mílíọ̀nù Mẹ́rin Ààbọ̀

Ká ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kékeré kan wà ní Ìbàdàn. Ó ń ta ọjà mílíọ̀nù náírà 146 lọ́dún, èrè sì ń hàn nínú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, bí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀gá ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí báǹkì. Kì í ṣe àpà, ẹnikẹ́ni ò sì jà á lólè. Owó rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀mù àdí àti àpò sódà tó kó sí sító. Ó wà nínú páálí ọṣẹ tí kò tíì tà. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn aláràtúntà tó ti gbé ọjà lọ láwìn.

Ohun tó yẹ ká wádìí ni iye ọjọ́ tí owó fi ń rìn, láti ìgbà tó bá ti kúrò lápò rẹ̀ títí dìgbà tó bá padà wọlé. Ìyípo owó ni a ó máa pè é níbí, nọ́ńbà mẹ́ta la ó sì fi ṣírò rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọjà tó wà nílẹ̀. Ọṣẹ tí ilé-iṣẹ́ yìí ń tà lọ́dún ń ná an ní mílíọ̀nù 109.5 láti ṣe. Pín in sí ọjọ́ 365, ó di náírà 300,000 lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n ka sító, ọjà mílíọ̀nù 15 ni wọ́n bá níbẹ̀. Ọ̀nà 50 ni 300,000 fi wọ inú mílíọ̀nù 15, nítorí náà ọjọ́ 50 ni ọjà ń lò nílẹ̀ kí ó tó tà. Èkejì ni àwìn tó tà. Ọjà mílíọ̀nù 146 lọ́dún jẹ́ 400,000 lójúmọ́. Àwọn aláràtúntà jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù 16, ìyẹn ọjọ́ 40. Ẹ̀kẹta ni àwìn tí òun náà rà. Ó jẹ àwọn tó ń kó àdí àti sódà wá fún un ní mílíọ̀nù 9. Bí a bá tún fi 300,000 pín in, ọjọ́ 30 ni.

Ọjọ́ 50 àti 40 ni owó fi há, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 nínú rẹ̀, owó olówó ló fi ń ṣòwò. Nítorí náà:

50 + 40 − 30 = 60

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣìṣe níbí. Wọ́n á fi owó títà pín gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, iye tí a fi ra nǹkan la fi ń kọ ọjà inú sító àti gbèsè olùtajà sílẹ̀, èrè ò tíì wọ̀ ọ́. Bí a bá fi 400,000 pín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọjọ́ 55 la ó rí, ọjọ́ márùn-ún á sì ti sọnù nínú ìwé, láìsọnù lójú ayé.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ọjọ́ di owó. Mílíọ̀nù 15 tó wà ní sító àti 16 tó wà lọ́wọ́ oníbàárà jẹ́ 31. Àwọn olùtajà bá a gbé mílíọ̀nù 9 níbẹ̀. Mílíọ̀nù 22 tó kù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá a, yálà láti inú àpò ara rẹ̀ tàbí ní báǹkì. Ká ní báǹkì ni, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ náírà 30 lórí 100 lọ́dún.

Ọgbọ́n tó kọ́kọ́ máa ń sọ síni lọ́kàn ni pé kí a fi olùtajà falẹ̀. Kò gba fọ́ọ̀mù, kò gba onídùúró. Dípò ọjọ́ 30, ọ̀gá náà wá ń san owó àdí ní ọjọ́ 45. Ọjọ́ 15 tó fi kún un, ní 300,000 lójúmọ́, jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀. Gbèsè olùtajà gòkè láti 9 sí 13.5. Owó tí ó gbọ́dọ̀ wá sọ̀ kalẹ̀ láti 22 sí 17.5. Ìyípo owó rẹ̀ di ọjọ́ 45. Èlé tó bọ́ lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 350,000 lọ́dún. Ọṣẹ kan ṣoṣo ò tà kún un.

Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń wọlé. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí ó bá ṣì ń san ní ọjọ́ 45, kò sí kọ́bọ̀ tuntun tí yóò tún rí níbẹ̀. Kí òmíràn tó lè jáde, ó di dandan kó sún un sí 60. Ọ̀gá tó bá ti fi ti àkọ́kọ́ san owó oṣù, tó sì ń retí irú rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ti wọ gàù.

Olùtajà pàápàá kì í ṣe ọmọdé. Òun náà ń yá owó, ó sì mọ iye tí ọjọ́ ń ná an. Bí kò bá pariwo, á gbé e gba ọ̀nà mìíràn: àdí á máa wá pẹ̀lú omi nínú, dúrọ́ọ̀mù mẹ́wàá tí a béèrè á di mẹ́fà, tàbí kí iye rẹ̀ rọra gòkè. Ìyẹn ló yẹ kí a fi ṣírò. Èlé ọjọ́ 15 ní báǹkì jẹ́ náírà kan àti kọ́bọ̀ 23 lórí 100. Bí olùtajà bá fi ju ìyẹn lọ lé ọjà, àdánù ni. Ká ní mẹ́ta lórí 100 ló fi lé e, ilé-iṣẹ́ yìí á san mílíọ̀nù 3.285 kún owó ọjà lọ́dún, kó lè sá fún èlé mílíọ̀nù 1.35.

Ewu tó tún wà níbẹ̀ ni pé gbèsè yìí ò ní ìwé àdéhùn tó dè é mọ́lẹ̀. Olùtajà lè jí lọ́jọ́ kan kó ní owó lọ́wọ́ lòun fẹ́ báyìí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ nìkan ni ọ̀gá náà yóò wá, gbogbo mílíọ̀nù 13.5 ni, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ilé-iṣẹ́ ńlá náà máa ń kó sínú rẹ̀. Carillion, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tó ń kọ́ ilé ìwòsàn àti ọ̀nà fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lè jẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá a ṣiṣẹ́ dúró fún ọjọ́ 120. Láti 2013, ẹni tí kò bá lè dúró lè gba owó rẹ̀ ní báǹkì kíá, báǹkì á sì gé díẹ̀ nínú rẹ̀. Carillion yóò wá san tirẹ̀ fún báǹkì lẹ́yìn náà. Ẹ ò rí i pé gbèsè báǹkì nìyẹn? Ṣùgbọ́n àárín owó tí ó jẹ àwọn oníṣòwò ló kọ ọ́ sí nínú ìwé, kò kọ ọ́ sábẹ́ owó tí ó yá. Ó sì ti tọwọ́ bọ ìwé ìlànà sísan owó lásìkò o! Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 2018, ó dojú dé. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó wádìí rẹ̀ sọ pé ó jẹ nǹkan bí 30,000 olùpèsè ní bílíọ̀nù pọ́n-ùn méjì.

Ẹni tó bá ń ka ìwé ilé-iṣẹ́ lè tètè fura. Bí ọjọ́ sísan olùtajà bá ń gùn lọ́dọọdún, tí ọjà tó ń rà ò sì pọ̀ sí i, kí ó béèrè mélòó nínú gbèsè náà ló ti kọjá ọjọ́ àdéhùn. Kí ó má sì gba nọ́ńbà ìparí ọdún nìkan gbọ́, torí ẹni tó di sísan owó mú ní oṣù Kejìlá, tó sì san án ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kìn-ín-ní, ìwé rẹ̀ á dán. Ìṣirò oṣooṣù kì í jẹ́ kí irú rẹ̀ bo ara.

Ní ti ọlọ́ṣẹ wa, mo rò pé kó tó fi olùtajà àdí falẹ̀, kó kọ́kọ́ bi í ní òdìkejì: bí mo bá sanwó lójú ẹsẹ̀, èló lo máa yọ fún mi? Èlé ọjọ́ 30 ní báǹkì jẹ́ náírà méjì àti kọ́bọ̀ 47 lórí 100. Ká ní olùtajà yọ náírà mẹ́rin. Ìyípo owó rẹ̀ á fò láti ọjọ́ 60 sí 90, owó tí yóò wá á sún mọ́ mílíọ̀nù 31 dípò 22, báǹkì á sì gba èlé sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọdún bá parí, owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.