Ẹdan Inú Fọ́tò

Ẹbí kan jogún ẹdan Ògbóni, ère idẹ tó ní irin nídìí, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ asùdẹ àtijọ́ ni àbí ayédèrú. Ìlú mìíràn ni onímọ̀ tó lè yẹ̀ ẹ́ wò ń gbé. Fọ́tò tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ń kọ mànà nínú oòrùn ọ̀sán, kò sì sí ohun tí ojú lè rí mú níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ya òmíràn, ó yẹ kó bi àwọn àgbà ìlédì, nítorí kì í ṣe gbogbo ojú ló gbọ́dọ̀ rí ẹdan.

Asùdẹ àtijọ́ máa ń fi ìda mọ ère lé orí amọ̀, á tún fi amọ̀ bò ó, á wá yan án títí ìda yóò fi yọ́ jáde, kó tó da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ó di dandan kó fọ́ amọ̀ náà kó tó rí ère, nítorí náà kò lè fi da èkejì. Ẹni tó fẹ́ da púpọ̀ sábà máa ń lo ohun ìdà tó pín sí abala méjì. Níbi tí abala méjèèjì ti pàdé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń yọ sókè, láti etí dé èjìká dé ìdí, ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì rá a, ibẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ihà wẹ́wẹ́ á sì tò sí i.

Láti gbé ìlà yìí jáde, ẹ gbé ère sórí aṣọ tí kò dán, ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì. Ẹ gbé fóònù ti ìwé kí ó má baà gbọ̀n. Ẹ wá mú tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ère, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá kọjá lójú idẹ. Ohun tó bá ga díẹ̀ á ní òjìji. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan láti ọ̀tún, lẹ́ẹ̀kan láti òsì, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń yà. Bí fóònù bá sún mọ́ ọn jù, àwòrán á ṣú. Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má fi ìka fẹ̀ ẹ́.

Ojú sísán kì í rìn bí ìlà àpapọ̀: ó ń wọ́, ó sì ń yà kiri. Àwọ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí ọgbẹ́, nítorí náà ẹ tún ya ibẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, pẹ̀lú bébà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ họ máa ń pọ́n yòò. Ti àtijọ́ ti dúdú bí ara ère yòókù. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ohunkóhun dán an.

Ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò gbogbo ara ère ránṣẹ́, kí onímọ̀ lè mọ ibi tí èyí tó sún mọ́ ti wá. Lórí WhatsApp, ẹ yan Document, kí àwòrán má baà dín kù lọ́nà. Ẹ wọn ère lórí ìwọ̀n pẹ̀lú, nítorí fọ́tò kò ní ìwúwo. Ìlà nìkan kò sì tó dá ẹjọ́: àwọn kan máa ń fi ohun ìdà mọ ìda fúnra rẹ̀. Bí amọ̀ bá ṣì kù nínú ère, yàrá àyẹ̀wò ló lè wọn ìgbà tí iná kàn án gbẹ̀yìn. Kámẹ́rà kò lè ṣe ìyẹn.