Bí Wọ́n Bá Da Àyọkà Inú Ìwé Yín Kọ: Ohun Tí Òfin Sọ Nípa Ẹ̀tọ́ Àdàkọ

Ní Yába, Sùúrùlérè àti Múṣin, a ń kọ ìwé, a ń tẹ̀ ẹ́, a sì ń tà á. Níbi tí ìwé bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní ṣàìsí ẹni tí yóò mú iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí yóò yọ ojú-ewé díẹ̀ nínú rẹ̀, tí yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Nínú àlàyé yìí, a fẹ́ sọ ohun tí òfin dáàbò bò nínú ìwé, ohun tí ìforúkọsílẹ̀ fi kún un, àti ìgbésẹ̀ tí ó tọ́ fún òǹkọ̀wé tí ó bá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ pàdé.

A ní láti kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kò sí lábẹ́ àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ kankan. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ẹ̀tọ́ àdàkọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọpiráìtì, sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Òfin tí ó ń ṣiṣẹ́ lónìí ni Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Àjọ Tó Ń Rí sí Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ní Nàìjíríà ni ó ń mójú tó o, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni ó sì ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tí òfin dáàbò bò

Ẹ̀tọ́ àdàkọ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí òǹkọ̀wé bá ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ibi tí ó ṣeé kà tàbí tí ó ṣeé gbọ́: ìbáà ṣe inú ìwé àjákọ, inú kọ̀ǹpútà tàbí inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kún, kò sì sí owó tí ó gbọ́dọ̀ san. Ohun méjì péré ni òfin béèrè: kí òǹkọ̀wé ti ṣe làálàá lórí iṣẹ́ náà débi pé ó ní ìrísí tirẹ̀, àti kí iṣẹ́ náà ti wà ní àkọsílẹ̀. Ẹni tí ó sọ ìtàn lẹ́nu lásán, tí kò kọ ọ́ tí kò sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò tíì ní ohun tí òfin yìí lè dì mú.

Bí a ti sọ ọ̀rọ̀ ni òfin dáàbò bò, kì í ṣe èrò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé, èyí tí a ó máa tẹ̀ lé títí dé òpin. Ẹ ká sọ pé olùkọ́ kan ní Sùúrùlérè kọ ìwé olójú-ewé 120, tí ó fi ṣàlàyé òwe Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn òwe náà kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn baba ńlá wa ni ó fi wọ́n sílẹ̀ fún gbogbo wa. Èrò pé kí a fi òwe kọ́ ọmọ ní ìwà rere kì í ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àlàyé tí ó ṣe sábẹ́ òwe kọ̀ọ̀kan, ìtàn kéékèèké tí ó fi gbè é lẹ́sẹ̀, àti àwọn ìbéèrè tí ó fi parí orí kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ni. Ẹlòmíràn lè kọ ìwé lórí òwe kan náà lọ́la bí ó bá fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé wọn. Ohun tí kò lè ṣe ni kí ó gbé gbólóhùn olùkọ́ yìí kalẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó ni í.

Ẹ̀tọ́ yìí pẹ́ ju ọjọ́ ayé òǹkọ̀wé lọ. Ó wà fún gbogbo ìgbà ayé rẹ̀ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tí ó kú. D. O. Fágúnwà di olóògbé ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Nítorí náà, ẹ̀tọ́ orí àwọn ìwé rẹ̀ yóò wà títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2033. Ẹni tí ó bá rò pé ìwé ògbólógbòó ti di ti gbogbo ayé nítorí pé òǹkọ̀wé rẹ̀ ti kú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ọdún.

Ohun tí ìforúkọsílẹ̀ fi kún un

Bí ẹ̀tọ́ bá ti wà láìsí ìforúkọsílẹ̀, kí ni ìwúlò rẹ̀? Ẹ̀rí ni. Nígbà tí ènìyàn méjì bá ń du ọ̀rọ̀ kan náà, ìbéèrè tí adájọ́ yóò béèrè ni ta ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́, àti nígbà wo. Ẹni tí ó bá ti forúkọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Àjọ náà, tí ó sì fi ẹ̀dà ìwé náà síbẹ̀, ní ìwé-ẹ̀rí tí ó gbé ọjọ́, orúkọ òǹkọ̀wé àti àkọlé iṣẹ́ jáde. Ilé-ẹjọ́ lè gba ohun tí ó wà nínú ìwé-ẹ̀rí náà gbọ́ títí ẹnìkejì yóò fi fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojúlé Àjọ náà lórí ẹ̀rọ ayélujára, `copyright.gov.ng`, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀.

Àmọ́ ìforúkọsílẹ̀ kò sọ olè di olóhun. Àjọ náà kì í ka gbogbo ìwé tí wọ́n bá mú wá láti mọ̀ bóyá wọ́n jí i kọ. Ohun tí ẹni tí ó wá bá sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀. Bí ẹni tí ó da ìwé kọ bá ṣáájú lọ forúkọ sílẹ̀, òǹkọ̀wé gan-an ṣì lè fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ bì í ṣubú. Nítorí náà, ẹ má ṣe da àwọn àkọ́kọ ìwé yín nù: ìwé àjákọ, fáìlì kọ̀ǹpútà tí ó ní ọjọ́ lára, àti lẹ́tà tí ẹ kọ sí ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé.

Àwọn kan máa ń ṣi nọ́ńbà ISBN mú fún ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà, tí ó ní ọ́fíìsì ní òpópónà Herbert Macaulay ní Yába, ni ó ń fúnni ní nọ́ńbà yìí. Ó wúlò fún ilé ìtàwé àti ilé ìkàwé láti dá ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, ṣùgbọ́n kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ inú ìwé.

Nígbà tí ẹ bá rí àdàkọ

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ olùkọ́ wa. Ó dé ọjà Téjúoṣó, ó sì rí ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó ní ojú-ewé 40. Ojú-ewé mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ jọ tirẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó ra ẹ̀dà kan, kí ó gba rìsíìtì, kí ó sì kọ ọjọ́ àti ibi tí ó ti rà á sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ bá òǹtajà jà, kò sì gbọdọ̀ kó ìwé náà lọ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ó jókòó, kí ó fi ìwé méjèèjì wéra. Kí ó fa ìlà sí àárín tákàdá, kí ó kọ gbólóhùn tirẹ̀ sí apá kan àti ti ìwé kejì sí apá kejì, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú-ewé. Kí ó yọ àwọn òwe fúnra wọn kúrò nínú ìṣirò, nítorí pé kò ní wọn. Ohun tí ó kù ni ẹjọ́ rẹ̀. Bí ó bá rí i pé àṣìtẹ̀ kan tí ó wà nínú ìwé tirẹ̀ tún fara hàn ní ibì kan náà nínú ìwé kejì, kí ó fa ìlà sí i lábẹ́ dáadáa: ẹni tí ó bá ronú ara rẹ̀ kọ̀wé kì í bá ẹlòmíràn ṣe àṣìṣe kan náà ní ojú kan náà.

Kì í ṣe gbogbo àyọlò ni ó lòdì sí òfin. Òfin gba ènìyàn láàyè láti lo díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn fún àríwísí, ìròyìn tàbí ìwádìí tí kò mówó wá. Bí ó bá jẹ́ àríwísí tàbí ìròyìn tí yóò jáde fún aráyé, ó yẹ kí a dárúkọ òǹkọ̀wé àti ìwé rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ yóò wo ìdí tí a fi lò ó, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, bí ohun tí a mú ti pọ̀ tó àti bí ó ti ṣe kókó tó, àti bóyá yóò ba ọjà ìwé àkọ́kọ́ jẹ́. Ojú-ewé mẹ́sàn-án láìsí orúkọ, nínú ìwé tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, yóò ṣòro láti pè ní àyọlò rere.

Kí olùkọ́ wa tó kọ lẹ́tà, kí ó ka àdéhùn tí ó bá ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé ṣe. Bí ó bá ti fi ìwé kíkọ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún wọn, àwọn ni ó ní agbára láti pe ẹjọ́ àdàkọ, òun yóò sì fi ọ̀ràn náà tó wọn létí. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá àdéhùn bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ̀tọ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kọ ìwé kejì àti ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Kí lẹ́tà náà dárúkọ ìwé méjèèjì, kí ó so àfiwé náà mọ́ ọn, kí ó sọ ohun tí ó ń fẹ́, bóyá kí wọ́n dáwọ́ títà dúró tàbí kí wọ́n san owó, kí ó sì fún wọn ní ọjọ́ pàtó láti fèsì. Bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ parí rẹ̀ láìdé ilé-ẹjọ́, Ilé-Iṣẹ́ Ìlàjà Ará Ìlú ti Ìpínlẹ̀ Èkó lè bá wọn jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n gbé àdàkọ náà sí, òfin 2022 fún un láyè láti kọ ìwé ìfisùn sí àwọn tí ó ni ojúlé náà. Kí ó tọ́ka sí iṣẹ́ tirẹ̀ àti sí ibi tí àdàkọ wà gan-an, kí ó sì bu ọwọ́ lù ú.

Bí lẹ́tà kò bá so èso, ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀, a sì lè tọ méjèèjì pọ̀. Èkíní ni kí ó fi ẹ̀sùn sí ọ́fíìsì Àjọ náà ní Èkó, pẹ̀lú ẹ̀rí pé òun ni ó ni ìwé náà àti ẹ̀dà tí ó rà. Àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ ní agbára láti gbẹ́sẹ̀ lé àwọn ìwé àdàkọ, kí wọ́n sì gbé ẹni tí ó jẹ̀bi lọ sí ilé-ẹjọ́. Èkejì ni kí ó gba agbẹjọ́rò, kí ó sì pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Níbẹ̀ ni ó ti lè béèrè fún owó gbà-má-bínú, fún àṣẹ tí yóò dá títà ìwé náà dúró, tàbí fún èrè tí wọ́n ti jẹ lórí rẹ̀.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1980, nínú ẹjọ́ tí Ọládípọ̀ Yẹ́mítàn pe ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Times, Adájọ́ Belgore fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí ènìyàn fi làálàá ara rẹ̀ kọ jẹ́ ohun ìní rẹ̀ tí òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní ọdún 1986, nínú ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Plateau Publishing, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀ lójú kò ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé òun pàdánù owó kí ẹjọ́ rẹ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ wa kò bá lè ka iye ẹ̀dà tí kò tà nítorí ìwé kejì, ìyẹn nìkan kò lè dí i lọ́nà ilé-ẹjọ́.