Ta Ló Lo Ọdún 82 Láyé?

Ọkùnrin kan gbé ìwé ìkéde òkú bàbá rẹ̀ wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n fẹ́ fi ṣe pósítà. Ó ní kí n kàn bá òun wo àmì ohùn, pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti parí. Gbólóhùn tó ṣáájú rèé:

*Lẹ́yìn lílo ọdún 82 lókè eèpẹ̀, àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń fi ìdùnnú kéde ìpapòdà bàbá wa ọ̀wọ́n.*

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ojú ẹni tó gbé e wá, mi ò rò pé ó ju ẹni ọdún 45 lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lo ọdún 82?"

"Bàbá wa ni, sà."

"Ìwé yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé yín ní ẹ̀yin ọmọ ni."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ òkú ni, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é kó má rẹ́rìn-ín.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú Yorùbá tí a ń kọ sílẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n nínú èyí tí à ń sọ lẹ́nu. Mo máa ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àpólà tó ń fì dirodiro: ó wà níwájú gbólóhùn, iṣẹ́ kan wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí kò ti ní ẹni tirẹ̀, ńṣe ló máa rọ̀ mọ́ olùwà àkọ́kọ́ tó bá pàdé lẹ́yìn àmì ìdánudúró. Nínú ìwé ọkùnrin yìí, "àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ" ló pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí olùwà ti sọnù gan-an. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni "lo". Bí a bá ń sọ̀rọ̀ déédéé, kò sí bí a ṣe máa lò ó tí a ò ní sọ ẹni tó lò ó: "Bàbá lo ọdún 82." Ṣùgbọ́n bí a bá mú kọ́ńsónáǹtì rẹ̀, tí a fi fáwẹ̀lì "í" sí i, tí a wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ náà, ó di "lílo". Bẹ́ẹ̀ náà ni "jẹ" ṣe ń di "jíjẹ", tí "dé" ń di "dídé". Ọ̀rọ̀ orúkọ ni "lílo", ọ̀rọ̀ orúkọ ò sì ní olùwà. Bàbá já bọ́ níbẹ̀ láìpariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ́kù, òun fúnra rẹ̀ ò sí mọ́.

Ìyá àgbà kan tí kò ka ìwé kò ní sọ pé, "Lẹ́yìn jíjẹ iyán, òògbé kọ́ lù mí." Ohun tó máa sọ ni pé, "Nígbà tí mo jẹun tán, òògbé bá kọ́ lù mí." "Mo" wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rò pé òògbé ló jẹ iyán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, lójú tèmi, ó kó èyí ràn wá. Àwọn tó ń sọ èdè náà fẹ́ràn kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò ní olùwà bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, òfin wọn sì ni pé olùwà gbólóhùn gan-an ni kó jẹ́ ẹni tó ṣe é. Àwọn náà máa ń ṣì í. Nínú eré Hámúlẹ́ẹ̀tì tí Ṣekisipíà kọ, iwin ọba sọ pé ìròyìn tó tàn káàkiri ni pé ejò ló bu òun jẹ nígbà tí òun ń sùn nínú ọgbà òun. Bó ṣe to ọ̀rọ̀ náà, bí a bá fi òfin gírámà wọ̀n ọ́n, ejò ló ń sùn. Kò sẹ́ni tó ṣi ọba gbọ́, torí gbogbo ayé mọ̀ pé ejò tó bá ń sùn ò lè bu ènìyàn jẹ. Ibi tí òye bá ti lè gba olùkàwé sílẹ̀, àṣìṣe náà ò ju ẹ̀rín lọ. Ibi tí kò bá ti lè gbà á ni wàhálà wà.

Ẹ wo irú gbólóhùn yìí, tí ẹni tó ń tú ìròyìn sí Yorùbá lè kọ láìfura:

*Lẹ́yìn jíjí ọkọ̀ náà gbé, àwọn ọlọ́pàá mú afurasí mẹ́ta.*

Ta ló jí ọkọ̀? Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ irú rẹ̀ wò kò le. Mo máa ń fi ìka bo gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró, màá bi apá iwájú pé, "Ta ni?" Màá dáhùn látinú ohun tí mo mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀: àwọn olè. Lẹ́yìn náà ni màá gbé ìka kúrò kí n ka orúkọ tó kọ́kọ́ yọjú: àwọn ọlọ́pàá. Ìdáhùn méjèèjì ò bára mu, àpólà náà ń fì nìyẹn. Ìgbésẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn máa ń fò ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn kí wọ́n tó wo apá kejì. Bí ẹ bá ka gbólóhùn náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọpọlọ yín á ti bá yín tún un ṣe kí ojú yín tó rí i, pàápàá bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́.

Àtúnṣe tó máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ká tú "jíjí" padà sí ọ̀rọ̀ ìṣe, ká fún un ní olùwà: "Lẹ́yìn tí wọ́n jí ọkọ̀ náà gbé, àwọn ọlọ́pàá mú afurasí mẹ́ta." Ẹ rí i pé a ò tíì jáde nínú ẹrẹ̀. "Wọ́n" yìí ní iṣẹ́ méjì nínú èdè wa. Ó lè tọ́ka sí àwọn kan pàtó, ó sì lè jẹ́ ẹni tí a ò mọ̀, bí ìgbà tí a ní "wọ́n jà á lólè". Ẹni tó kọ ọ́ ní ẹni tí a ò mọ̀ lọ́kàn. Ẹni tó ń kà á, àwọn ọlọ́pàá ló rí nítòsí, ó sì lè so "wọ́n" mọ́ wọn. Bí a bá tún sọ pé "lẹ́yìn tí àwọn afurasí náà jí ọkọ̀", a ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó dá a. Èyí tí mo fara mọ́ ni:

*Lẹ́yìn tí àwọn kan jí ọkọ̀ náà gbé, àwọn ọlọ́pàá mú afurasí mẹ́ta.*

"Àwọn kan" ti gba ẹ̀sùn lọ́rùn ọlọ́pàá, kò sì tíì dì í ru ẹnikẹ́ni.

"Ó" náà máa ń tanni bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin pósítà ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbìyànjú àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ pé, "Lẹ́yìn tí ó lo ọdún 82 lókè eèpẹ̀, Olórí Ẹbí ń kéde ìpapòdà bàbá wa." Ó ti fi olùwà sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n "ó" ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò mọ ènìyàn yàtọ̀ sí ẹran, orúkọ tó bá sún mọ́ ọn jù ló máa ń dì mọ́. Olórí Ẹbí ti di ẹni ọdún 82, ẹni ẹlẹ́ni ò sì tíì pé 70. Arọ́pò orúkọ tó bá ṣáájú orúkọ tó dúró fún, ó yẹ kí ẹ fura sí i. Orúkọ gan-an ni kó kọ́kọ́ dé, kí "ó" tẹ̀ lé e.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di ọ̀rọ̀ àgbàsọ, Yorùbá ní irinṣẹ́ kan tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní, ó sì máa ń dùn mí pé a kì í lò ó tó. Ẹ wo àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ yìí: "Lẹ́yìn kíka owó náà tán, alága sọ fún akápò pé ó máa ti àpótí pa." Ká ní akápò ló ka owó, tí alága sì fẹ́ fúnra rẹ̀ ti àpótí. Gbólóhùn yìí ti gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì fún ara wọn: ó ní alága ló kà á, ó sì ní akápò ló máa tì í. Bí owó bá dín lọ́jọ́ kejì, ìwé yìí ni wọ́n máa gbé jáde. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí: "Lẹ́yìn tí akápò ka owó náà tán, alága sọ fún un pé òun máa ti àpótí pa." Lẹ́yìn "sọ pé", "ní" àti "rò pé", "òun" máa ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, "ó" sì máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn nìkan ti pín àwọn méjèèjì níyà.

Mi ò ní ká lé "lílo" àti "jíjẹ" kúrò nílùú o. "Bàbá wa papòdà lẹ́yìn lílo ọdún 82 lókè eèpẹ̀" ò ní àléébù kankan, torí bàbá tó papòdà náà ló lo ọdún, ó sì ti jókòó síwájú kí "lílo" tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni a ò gbọ́dọ̀ máa da gbogbo àpólà tí kò ní olùwà láàmú. Bí ẹnì kan bá ní "Láti sọ òótọ́, ata wọ́n lọ́jà", kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ata ló ń sọ òótọ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ni àpólà yẹn, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n. "Láti dé Ọ̀yọ́ láti Ìbàdàn, ọ̀nà kan wà tó yá" náà ò ní wàhálà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rìn ín ni. Olóòtú tó bá ń fi ìka bo irú ìwọ̀nyí náà, iṣẹ́ ló ń wá fún ara rẹ̀.

A padà sí pósítà. Mo ní kí a fi Bàbá ṣáájú, kí ìkéde dá dúró ní gbólóhùn tirẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní "ìdùnnú" kò gbọ́dọ̀ kúrò, pé àgbàlagbà tó rí ọmọ-ọmọ kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí ìdùnnú náà wà ni kò dára: ikú gan-an ló dà bí ẹni pé ó ń dùn mọ́ wọn. A wá ohun tí inú wọn dùn sí ní tòótọ́, a sì so ó mọ́ ọn. Bó ṣe jáde nílé ìtẹ̀wé nìyí:

*Bàbá wa ọ̀wọ́n papòdà lẹ́yìn ọdún 82 lókè eèpẹ̀. Àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń kéde rẹ̀ fún ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́, inú wa sì dùn pé ẹ̀mí rẹ̀ gùn.*

Ó san owó àmì ohùn. Ó ní ti gbólóhùn ò sí nínú àdéhùn.