Garawa Mélòó Ló Yẹ Kí A Tò Sílẹ̀?

Ẹ wo nọ́ńbà onípọ́íǹtì mẹ́wàá wọ̀nyí: 0.62, 0.07, 0.91, 0.39, 0.68, 0.14, 0.83, 0.35, 0.52, 0.27. A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi èyí tó mú wé èyí tó wà níwájú rẹ̀, bí ó bá sì kéré sí i, kó gbé e fò ó, títí yóò fi dé àyè rẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé ìfò 25 ni mẹ́wàá yìí gbà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ to garawa méjì sílẹ̀. Ohun tó bá kéré sí 0.5 wọ àkọ́kọ́, ìyókù wọ ìkejì. A wá to inú garawa kọ̀ọ̀kan bí a ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, a sì dà wọ́n jáde ní tẹ̀ léra-tẹ̀ léra. Ìfò 25 ti di 10. Bí garawa bá jẹ́ márùn-ún, ó di 4. Bí ó bá jẹ́ mẹ́wàá, ìfò kan ṣoṣo ló kù, ìyẹn nínú garawa tí 0.39 ti ṣáájú 0.35 wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà méjì tí kò sí nínú garawa kan náà kò ní í fi ara wé ara wọn mọ́ láé.

Kọ̀ǹpútà kì í wá garawa kiri. Ìlà kan péré ló ń sọ fún un ibi tí nọ́ńbà yóò wọ̀:

```
i = int(x * k)
```

`x` ni nọ́ńbà, `k` ni iye garawa. 0.62 lọ́nà mẹ́wàá jẹ́ 6.2, a gé ohun tó wà lẹ́yìn pọ́íǹtì dànù, ó ku 6. Láti 0 la ti ń ka garawa, nítorí náà garawa mẹ́wàá parí sí 9. Bí ẹnì kan bá ju 1.0 gan-an sínú rẹ̀, yóò máa wá garawa 10 tí kò sí, ètò náà yóò sì dáwọ́ dúró. Ibí yìí ló ti máa ń bà jẹ́ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́.

Ṣé kí a wá máa fi garawa kún garawa ni? Rárá o. Ká ní nọ́ńbà 1,000 ni, tí wọ́n sì fọ́n ká dọ́gba láàárín 0 sí 1, bí irú èyí tí `random()` ń pèsè nínú Python. Láìsí garawa, ìfò tí a ó retí á tó 250,000. Pẹ̀lú garawa 10, ó di bíi 25,000; pẹ̀lú 100, bíi 2,500; pẹ̀lú 1,000, bíi 250. Bí a bá to 10,000 sílẹ̀, ìfò á ku bíi 25, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣí gbogbo 10,000 náà wò kó tó mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣófo. Ohun tó jèrè lórí ìfò kò tó ohun tó pàdánù lórí ṣíṣí garawa. Láàárín garawa 500 sí 1,000, ìyàtọ̀ kò tó nǹkan, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń fi iye garawa ṣe iye nọ́ńbà. Kódà nígbà náà, bíi 368 nínú 1,000 yóò ṣófo. Kò sí àléébù níbẹ̀. Bí ohun tó fọ́n ká láìsètò ti máa ń rí nìyẹn.

Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí kí nọ́ńbà fọ́n ká dọ́gba. Ká ní 1,000 náà wà láàárín 0.50 sí 0.51 nìkan. Garawa 1,000 la tò, ṣùgbọ́n 10 péré ló rí nǹkan gbà, nǹkan bí 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìfò sì padà sí bíi 25,000. Ọ̀nà láti mọ̀ ni pé kí a ka garawa tó kún jù: tí nọ́ńbà bá fọ́n ká dáadáa, 5 tàbí 6 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá bá 100 níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù nínú àwọn nọ́ńbà náà, kí ẹ pín garawa sí àárín àwọn méjèèjì. Ìyẹn tó fún 0.50 sí 0.51. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣù jọ sójú kan tí díẹ̀ sì jìnnà réré sí i, bí owó oṣù àwọn ará ìlú kan, kò ní í gbọ́ èyí. Nọ́ńbà ńlá kan ṣoṣo tó láti na ààlà débi pé gbogbo ìyókù á tún há sínú garawa kan. Fún irú wọn, ọ̀nà ìtò tí kò bìkítà bí nọ́ńbà ṣe fọ́n ká ló yẹ.