Ilé tí ṣájà pọ̀ sí, tó tún ń lo jẹnẹrétọ̀: ẹ wo ìlẹ̀kùn inú ihò kẹ́ ẹ tó ra sọ́kẹ́ẹ̀tì

Obìnrin kan tó ń ránṣọ nínú ilé rẹ̀ ládùúgbò Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, tó tún ń fi ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì méjì sanwó fáwọn èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ló ránṣẹ́ pe ríwáyà pé áyọ́ọ̀nù òun ń kú, ó ń jí. Ríwáyà yẹ áyọ́ọ̀nù wò, kò rí nǹkan kan tó ṣe é. Ìgbà tó fọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Púlọ́ọ̀gì náà gbóná débi pé kò ṣeé dì mú, sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri sì ti pọ́n bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ààrò. Ọ̀kan nínú ihò rẹ̀ ti ń yọ́.

"Bọ́ọ̀dà, àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?" màmá náà bi í. Ríwáyà ní rárá o, sọ́kẹ́ẹ̀tì gidi ni wọ́n rà. Ó wá nawọ́ sí báírò kan tó wà lórí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. "Mọ̀mí, ohun tó bà á jẹ́ rèé," ló wí.

Kò sílé tí ṣájà ti pọ̀ tẹ́ ẹ ò ní í rí irú báírò bẹ́ẹ̀. Bí kò bá jẹ́ báírò, á jẹ́ igi ìṣáná tàbí ìdí ṣíbí. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni pé, bí ẹnì kan bá ní ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta, á ki báírò bọ ihò òkè, ihò méjì ìsàlẹ̀ á sì ṣí sílẹ̀ fún un.

Ìdí tó fi ń ṣí bẹ́ẹ̀ ni pé ìlẹ̀kùn wà nínú àwọn ihò náà. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà ti wá. Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní BS 1363, ti wà láti ọdún 1947. Wọ́n fi ike kékeré dí ihò méjì tí iná ń gbà, kí ọmọdé má baà rí ìṣó tàbí irin ìhunrun kì bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ òkè lára púlọ́ọ̀gì, ìyẹn ẹsẹ̀ ẹ́ẹ̀tì, gùn ju méjì yòókù lọ. Òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, tá á ti ìlẹ̀kùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn yòókù tó dé. Ìdí nìyí tẹ́ ẹ fi ń rí ṣájà fóònù mìíràn tó jẹ́ pé ike lásán ni ẹsẹ̀ òkè rẹ̀. Kì í ṣe ayédèrú. Ṣájà náà kò nílò ẹ́ẹ̀tì ni, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn ni ẹsẹ̀ ike yẹn.

Bí ẹ bá wá fi báírò ṣílẹ̀kùn, wàhálà méjì lẹ fà wọlé. Àkọ́kọ́ ni pé bó bá ṣe díẹ̀, ìlẹ̀kùn náà á há, kò ní í padà pa dé mọ́. Ìkejì ló ba ti màmá aránṣọ yìí jẹ́. Idẹ tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó máa ń di ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì mú, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ tó nípọn mìlímítà 4 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹsẹ̀ roboto tó wà lára àwọn púlọ́ọ̀gì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù tó mìlímítà 4.8. Bí wọ́n bá ti fi ìyẹn fẹ ẹnu idẹ náà, kì í padà bọ̀ sípò tán. Ṣájà fóònù kò ní í mọ̀ ọ́n lára torí iná tó ń gbà kéré. Àmọ́ tí wọ́n bá ki áyọ́ọ̀nù bọ ihò kan náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa mì nínú ihò, iná á máa fò láti ara idẹ sí ara ẹsẹ̀, ibẹ̀ á sì máa gbóná títí tí ike á fi yọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń ta ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́, tí òórùn ẹja jíjóná ń jáde níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti dáná, tàbí tí púlọ́ọ̀gì bá ń jábọ́ fúnra rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹ má ṣe máa fi ìwé ká ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì kó lè há. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dànù.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ló wá mú kí ìlẹ̀kùn yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé báwọn bá ti pa ṣúìsì ara sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò séwu mọ́, bí ọmọ fọwọ́ kàn án, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ṣúìsì tó wà lára ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà kan péré ló ń já, ìyẹn wáyà tó gbé iná. Kì í já níútírà. Tó bá jẹ́ iná NẸ́PÀ ni (orúkọ yẹn làwọn aráàlú ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ń pín iná láti ọdún 2013), ìyẹn ṣeé fara mọ́, torí wọ́n ti so níútírà mọ́ ilẹ̀ nídìí tiransifọ́mà.

Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, wáyà méjèèjì tó ń jáde, wọn kò so ọ̀kankan mọ́ ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ki tẹ́sítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó lè tàn fírífírí nínú ihò méjèèjì. Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé níútírà nìyí. Tí wáyà kan bá wá bó níbòmíràn nínú ilé, bóyá lára ẹ̀rọ tó ń fa omi, tó sì kan ilẹ̀, wáyà kejì ti di eléwu nìyẹn, ó sì lè jẹ́ èyí tí ṣúìsì ò já. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tó so wáyà jẹnẹrétọ̀ mọ́ ṣénjì-ófà á ti gbé ọ̀kan sípò èkejì. Gbogbo ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa fura, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni wáyà tí ṣúìsì á máa já nígbà tí NẸ́PÀ bá wà, ọ̀tọ̀ lèyí tí á máa já nígbà tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Ìlẹ̀kùn inú sọ́kẹ́ẹ̀tì kì í bèèrè pé wáyà wo ló gbéná. Ihò méjèèjì ló ń dí. Ìdí tó fi yẹ kó wà nínú ilé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, kí ṣúìsì rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń já wáyà méjèèjì pọ̀. Wọ́n máa ń kọ DP sára irú èyí, lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí lára páálí rẹ̀.

Lọ́jà, irú bíi ti Ògùnpa n'Ìbàdàn, ẹ lè dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó, nígbà tí kò tíì sí wáyà kankan lára rẹ̀. Ẹ mú ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fi ti ihò ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò gbọdọ̀ wọlé. Tó bá wọlé láìjanpata, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ki báírò bọ ihò òkè nìkan. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí, kò burú, irú tí ìlànà náà gbà láyè ni. Ṣùgbọ́n èyí tó dáa jù fún ilé tí báírò ti di àṣà ni irú tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí àfi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wọlé pọ̀. Báírò ò lè ṣe nǹkan kan fún un. Kẹ́ ẹ wá ki púlọ́ọ̀gì tó dáa bọ̀ ọ́. Ó yẹ kó le díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á yọ, kí ìlẹ̀kùn sì padà pa dé kíá. Ẹ wo BS 1363 lẹ́yìn rẹ̀, tó bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wo àmì MANCAP ti àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà. Àmì nìkan kò tó ṣá, ayédèrú náà mọ̀ ọ́n kọ.

Ọlọ́jà lè gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì gbogboǹṣe wá, èyí tí ihò rẹ̀ gba ẹsẹ̀ roboto àti ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó máa ń wuni nítorí ṣájà. Nítorí pé ó fẹ́ gba gbogbo ẹsẹ̀, kò sí èyí tó ń dì mú dáadáa, òun sì ni kò yẹ kẹ́ ẹ ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ rárá. Èyí tó ní ojú USB náà wà. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ojú USB kì í kú bẹ́ ẹ tilẹ̀ pa ṣúìsì, iná tó bá sì ru gùdù nígbà tí wọ́n ń yí ṣénjì-ófà, òun ló ń gbà á sára. Bó bá ti jóná, odindi sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ máa pààrọ̀. Ẹ má sì ra ike tí wọ́n ń kì bọ ihò kí ọmọdé má baà fọwọ́ kàn án. Òun gan-an ló ń ṣílẹ̀kùn náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, iléeṣẹ́ ètò ìlera ní Ìlú Ọba ní kí wọ́n má lò ó mọ́ ní ilé ìwòsàn àtàwọn ilé ìtọ́jú.

Nílé màmá aránṣọ, ríwáyà jókòó, ó ka gbogbo ohun tó ń gbáná. Fóònù mẹ́rin, ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì méjì, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, fáànù kan àti àtùpà kan tí wọ́n ń ṣájì. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi wáàtì 185 lọ, ìyẹn kò tiẹ̀ tó áńpì kan. Áyọ́ọ̀nù nìkan jẹ́ wáàtì 1,200, ó lé ní áńpì 5. Ìṣòro àwọn ṣájà kì í ṣe pé wọ́n ń gba iná jù, ihò ni kò tó wọn, òun ló jẹ́ kí wọ́n gbé ẹkitẹ́ńṣọ̀n lé ẹkitẹ́ńṣọ̀n.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì mẹ́ta ló tò sókè tábìlì fún àwọn ṣájà, gbogbo wọn onílẹ̀kùn, tí ṣúìsì wọn ń já wáyà méjì. Ojú mẹ́fà ni, kò tó fún ẹ̀rọ mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í gbáná lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún áyọ́ọ̀nù ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má tàn án nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà, torí wáàtì 650 péré ni tiwọn ń gbé. Fún àtùpà àti fáànù tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó ra orí púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń dé mọ́ irú púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ pinpin, tó ní fíúùsì nínú.

Kó tó lọ, ó ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó sì yí ṣénjì-ófà. Ó ki tẹ́sítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó rí i pé wáyà jẹnẹrétọ̀ ti gba ipò ara wọn, ó tún un so. Ó wá sọ bí wọ́n á ṣe máa ṣe é fún màmá náà: kí wọ́n kọ́kọ́ pa ṣúìsì gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣájà, kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, kí wọ́n yí ṣénjì-ófà, kí wọ́n tó wá máa tan ṣúìsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé n ò ní í máa fa ṣájà yọ nígbà gbogbo nìyẹn?" màmá bi í.

"Ẹ má fà á yọ o, Mọ̀mí. Ṣúìsì ni kẹ́ ẹ máa pa."