Ìṣẹ́jú Kan Láti Pe Olùbánisọ̀rọ̀ Jáde

Ẹni tó bá ti jókòó rí níbi ìkówèéjáde tàbí àpérò nílẹ̀ Yorùbá mọ ibi tí àkókò máa ń gbà jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe olùbánisọ̀rọ̀ ló ń jẹ ẹ́, ẹni tó fẹ́ pè é jáde ni. Ìwé ètò sọ pé ìṣẹ́jú kan, àmọ́ ẹni yìí á bẹ̀rẹ̀ ìtàn àlejò láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, á kà á dé orí oyè tó jẹ lọ́dún tó kọjá, alága á máa wo aago, àlejò fúnra rẹ̀ á dorí kodò. Tó bá jẹ́ pé rédíò ń gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́ ní tààràtà, owó ni wọ́n fi ra àkókò yẹn, bí àsìkò ìròyìn bá sì tó, wọ́n á gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn ìdíje kan tilẹ̀ wà tí kò mojú ẹnikẹ́ni. Nínú èyí tí Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà dá sílẹ̀ ní 2008, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbèdéke. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ti jáde nínú ìdíje nìyẹn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn tó.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo wa lè bá lọ. Ká sọ pé Túndé Kèlání, àgbà olùdarí fíìmù, fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èdè Yorùbá nínú fíìmù, wọ́n sì ní kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan pè é jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ sínú ìwé kò ní jìnnà sí èyí:

“Ẹ̀yin ọba alayé, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin àgbà oníṣẹ́ tíátà, ẹ̀yin oníròyìn, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, mo kí gbogbo yín lápapọ̀. Inú mi dùn púpọ̀ láti ní àǹfààní láti dúró níwájú yín lónìí láti ṣàfihàn ẹnì kan tí kò nílò àfihàn rárá. Wọ́n bí i ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1948. Ìlú Abẹ́òkúta ló ti dàgbà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ nípa iṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló dá ilé iṣẹ́ Mainframe sílẹ̀. Lára àwọn fíìmù tó ti darí ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, Kòṣeégbé, Ó Le Kú, Ṣaworoidẹ, Agogo Èèwọ̀, Arugbá, Máàmi àti Àyìnlá. Láìfi àkókò yín ṣòfò, ẹ jẹ́ ká fi àtẹ́wọ́ pe àgbà ọ̀jẹ̀, aṣíwájú, aláìlẹ́gbẹ́, Túndé Kèlání!”

Lójú, ọ̀rọ̀ yìí kéré. Ẹni tó bá fi ojú kà á láìlanu á parí rẹ̀ kí ìṣẹ́jú kan tó pé, á sì gbà pé òun ti ṣetán. Ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti ń tan èèyàn jẹ. Ojú kì í mí, kì í sì í kọsẹ̀ lára orúkọ. Nọ́ńbà ló tún burú jù. Mẹ́rin péré ni àmì tó wà nínú 1948, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, “ẹgbàá ó dín méjìléláàádọ́ta” ni, ìyẹn sì tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ síta. WNTV náà jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin lórí ìwé, àmọ́ ó gùn lẹ́nu ju Ìbàdàn tó tẹ̀ lé e lọ dáadáa.

Àwọn akọ̀ròyìn rédíò tó ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣírò ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má fi ìyẹn ṣírò Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tiwa kúrú, “mo”, “tí”, “kò”, “ń”, ẹnì kan sì lè kọ ohun kan pọ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sọ́tọ̀, kí iye ọ̀rọ̀ yàtọ̀ láìjẹ́ pé ohùn yàtọ̀. Aago ni ká gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ gbé fóònù yín sórí tábìlì, kó jìnnà síi yín díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ dìde dúró, nítorí ẹni tó jókòó kì í mí bí ẹni tó dúró. Ẹ sọ ọ́ sókè bí ẹni tó ń bá àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ má sì dúró tún ohunkóhun sọ tẹ́ ẹ bá kọsẹ̀, ẹ kàn máa lọ. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ wo iye tí fóònù kọ. Ẹ ṣe é bíi mélòó kan, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó gùn jù ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe èyí tó dùn mọ́ yín jù. Ìdí ni pé ẹnu máa ń mọ ọ̀rọ̀ lára bí ẹ ṣe ń tún un kà, á sì máa yára láìjẹ́ pé ẹ fura. Nínú gbọ̀ngàn, ìró ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń padà wá bá yín létí á tún fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn.

Bí a bá ka àpẹẹrẹ wa lókè báyìí, ní ìwọ̀n ìsọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà á gbádùn, ó máa tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 75. A ti fi 15 kọjá. Ká tó gé ohunkóhun ṣá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà mọ́ ọn: ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fún yín kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ọ̀rọ̀. Ẹ máa rìn dé ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè ga jù yín lọ, kẹ́ ẹ ní láti fà á wálẹ̀, àtẹ́wọ́ sì wà lẹ́yìn orúkọ. Nítorí náà, 45 ni mo máa ń fojú sùn. Lórí rédíò tí kò sí èrò níwájú, èèyàn lè lọ tó 55.

Ìdánwò tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni pé ká yára. Ẹ yára kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èdè wa: àwọn fáwẹ́lì á gbé ara wọn mì, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á sún mọ́ra, “Kòṣeégbé, Ó Le Kú” á di fíìmù kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò wò rí. Orúkọ èèyàn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ohun tí a lè gé ni ọ̀rọ̀, a kò gbọ́dọ̀ gé ohùn.

Ìkíni ni kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ bà. Bó ṣe wà yẹn, ó jẹ tó ìṣẹ́jú àáyá 15, ìdá mẹ́rin àkókò wa, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohun tí a torí ẹ̀ wá. Mo mọ̀ pé a kì í dé iwájú ọba ká má kí i. Ṣùgbọ́n tí alága bá ti kí wọn tán, gbólóhùn kan wà tí gbogbo ilé ti gbà: “Mo dúró lórí ìkíni tó ti wà nílẹ̀.” Tí ọba bá sì wọlé lẹ́yìn tí alága ti kí gbogbo èèyàn, ẹ kí Kábíyèsí nìkan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àwọn gbólóhùn tó ń sọ nípa ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ dípò kó sọ ọ̀rọ̀ náà. “Inú mi dùn láti ní àǹfààní láti dúró láti ṣàfihàn” jẹ́ ọ̀kan. Ẹ gbọ́ ọ nínú fóònù, ẹ ó rí i pé “láti” tó wà níbẹ̀ ń tò lẹ́yìn ara wọn. Tẹ́ ẹ bá sọ pé èèyàn kò nílò àfihàn, ẹ̀yin fúnra yín ti sọ pé kẹ́ ẹ jókòó. “Láìfi àkókò yín ṣòfò” sì ń fi àkókò ṣòfò. Ọjọ́ ìbí náà á lọ, torí ó ti wà nínú ìwé ètò tó wà lọ́wọ́ kálukú.

Pẹ̀lú gígé mẹ́ta yìí, a ti sún mọ́ 45. Ọ̀pọ̀ máa dúró síbẹ̀. Èmi ò gbà pé iṣẹ́ ti tán, torí ohun tó kù jẹ́ ìtò lásán: ìlú, ilé iṣẹ́, fíìmù mẹ́jọ léraléra. Kò sí ohun kan níbẹ̀ tó sọ ìdí tó fi jẹ́ ọkùnrin yìí ló yẹ kó bá wa sọ̀rọ̀ lórí èdè Yorùbá. Ìdí náà wà ṣá: ọ̀gbẹ́ni yìí àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òǹkọ̀wé Yorùbá tó gbọ́ èdè dé orí, jọ ṣiṣẹ́ lórí fíìmù tó ju ẹyọ kan lọ. Ibẹ̀ ni ká lo àkókò sí. A tún un kọ báyìí:

“Mo dúró lórí ìkíni tó ti wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a pé jọ gbọ́ lónìí ni bí èdè Yorùbá ṣe ń dún nínú fíìmù. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní WNTV ní Ìbàdàn kó tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó padà dé, òun àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá fún wa ní Kòṣeégbé, Ó Le Kú, àti Ṣaworoidẹ. Títí dòní, a ṣì ń fi ọ̀rọ̀ inú wọn ṣàwàdà nílé. [Àyìnlá, fíìmù rẹ̀ lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, fi hàn pé kò tíì gbé kámẹ́rà sílẹ̀.] Ẹ bá mi fi àtẹ́wọ́ pe Túndé Kèlání.”

Èyí máa ń tó nǹkan bí 45, tàbí kó dín díẹ̀. Gbólóhùn tó wà nínú àkámọ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa. Tí alága bá fọwọ́ kan aago kó tó pè yín, ẹ fò ó. Ó máa dá tó ìṣẹ́jú àáyá méje padà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ohunkóhun kúrò. Ẹ ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ nípa gbígbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láìsí i. Tí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e kò bá jọ lọ, gbólóhùn mìíràn ni kẹ́ ẹ fi sínú àkámọ́.

Orúkọ ló parí ọ̀rọ̀, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fi tẹ̀ lé orúkọ, àtẹ́wọ́ á bò ó mọ́lẹ̀, àkókò rẹ̀ á sì ṣòfò. Ẹ dákẹ́ fún ìwọ̀n èémí kan kẹ́ ẹ tó pe orúkọ náà, kẹ́ ẹ sì pè é bí ẹni tó ni ín ṣe ń pè é. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ lọ bi í léèrè kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà míì ẹ sọ àmì kékeré sí àárín ìwé yín, níbi tẹ́ ẹ máa ń dé nígbà tí fóònù bá kọ 20. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú èrò, tẹ́ ẹ sì rí i pé aago ti kọjá 25 kẹ́ ẹ tó dé àmì yẹn, ẹ fi àkámọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ lọ tààrà sí orúkọ.