Èlò Gan-an Ni Bọ́ǹdì Yìí Máa Mú Wọlé?

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà pè mí lórí fóònù. Búrókà kan fẹ́ ta bọ́ǹdì ìjọba àpapọ̀ fún wọn. ₦950 ló ní kí wọ́n san lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tó wà lójú ìwé. Èlé rẹ̀ jẹ́ 12% lọ́dún, ó sì ku ọdún méjì géérégé kí ìjọba dá owó padà. Ìbéèrè wọn ò gùn: "Ṣé 12% náà ni màá jẹ?"

Mo ní rárá, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni irú bọ́ǹdì yìí ń san èlé, nítorí náà ₦60 ni wọn yóò máa gbà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọn yóò gbà á, ₦1,000 yóò sì bá ìgbà kẹrin wá. Ẹni tó bá fi ₦950 pín ₦120 ọdún kan yóò rí 12.63%, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé ₦50 tí yóò jẹ́ èrè lọ́jọ́ ìsanpadà. Iye tó ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn là ń pè ní èrè títí dọjọ́ ìsanpadà.

Owó ọ̀la kì í níye lórí tó owó òní. Ká ní owó ń pa 7% ní oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá fi ₦56.07 pamọ́ lónìí, yóò di ₦60 lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, ₦60 àkọ́kọ́ kò ju ₦56.07 lọ lónìí. Ìkejì, tó jìnnà jù ú lọ, jẹ́ ₦52.41, ìkẹta ₦48.98. ₦1,060 tó kẹ́yìn jẹ́ ₦808.67. Ẹ rò wọ́n pọ̀: ₦966.13.

Ṣùgbọ́n ₦950 ni búrókà ń bèèrè, kì í ṣe ₦966.13. Èyí fi hàn pé 7% kọ́ ni. Iye tí a ń wá ni èyí tí yóò mú kí àròpọ̀ náà jẹ́ ₦950 gẹ́lẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ jáde tààrà, torí inú owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fara pamọ́ sí, ó sì ń fi ara rẹ̀ pọ̀ sí i bí owó bá ṣe jìnnà tó. Bọ́ǹdì ọlọ́dún mẹ́wàá a máa ní ogún irú ibùba bẹ́ẹ̀. Àfi ká máa fojú dá a, ká dán an wò, ká tún un dá.

A ó ṣe é bí ẹni ń nájà, tí olówó àti ọlọ́jà ń sún mọ́ ara wọn. Òfin kan ṣoṣo ló ń darí wa: bí ìdá èrè bá ga sí i, àròpọ̀ á wálẹ̀, bó bá rẹlẹ̀, àròpọ̀ á gòkè. Kì í yẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6%, tí í ṣe èlé bọ́ǹdì náà gan-an: ₦1,000 ni. Ó pọ̀ jù, ìdá èrè wa ti kéré. A gbìyànjú 8%: ₦933.76. Ó ti kéré jù. Ọwọ́ wa ti tẹ ẹ́ báyìí: àárín 6 àti 8 ló wà. Àárín wọn ni 7, tí a ti ṣe lẹ́ẹ̀kan, ₦966.13, ó ṣì pọ̀, nítorí náà àárín 7 àti 8 ni. A gbìyànjú 7.5%: ₦949.76. Ó fi kọ́bọ̀ mẹ́rìnlélógún péré dín. A kàn fà á sẹ́yìn díẹ̀ sí 7.49%: ₦950.08. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì 7.49 jẹ́ 14.98%, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́jà bọ́ǹdì ṣe máa ń pè é fún ọdún kan. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ èyí sínú Excel:

```
=RATE(4,60,-950,1000)
```

Àmì ìyọkúrò iwájú 950 ṣe pàtàkì, torí owó tó ń jáde lápò yín ni. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, #NUM! ni ẹ ó rí. Ìfojúdá bíi tiwa náà ni ẹ̀rọ ń ṣe, bí kò bá sì rí ìdáhùn lẹ́yìn ogún ìgbà, á jáwọ́.

Mo kìlọ̀ nǹkan méjì fún ẹ̀gbọ́n mi. Àkọ́kọ́, 14.98% yìí gbà pé wọn yóò tún fi ₦60 kọ̀ọ̀kan ṣòwò ní 7.49%. Bí wọ́n bá ná an tán, tàbí tí èlé ọjà bá já wálẹ̀, iye tí yóò wà lọ́wọ́ wọn ní ìparí kò ní tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ló máa ń tan àwọn èèyàn jù. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn èlé tó kẹ́yìn, ẹni tó ń tà á ti jẹ ₦30 lára èlé tó ń bọ̀, ẹ ó sì san án fún un. Owó tó ń jáde lápò yín ti di ₦980 nìyẹn, òun sì ni ẹ ó fi ṣe ìṣirò.

Nítorí náà, bí búrókà bá dárúkọ iye bọ́ǹdì fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá èlé tó ti gùn sórí rẹ̀ wà nínú iye náà.